Ìbú Ṣánẹ́ẹ̀lì Wáì-Fáì Nínú Ilé Tó Kún fún Ayálégbé

Ọ̀rọ̀ ráútà ni mo gbé wá lónìí, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì sínú ilé láìlo wáyà. A ò ní í yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Ibì kan ṣoṣo nínú ètò rẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí, ibi tí wọ́n kọ `Channel Width` sí, tí àwọn ráútà mìíràn ń pè ní `Channel Bandwidth`. Ìbú ṣánẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí `20 MHz`, `40 MHz`, àti `Auto` tàbí `20/40 MHz`. Tí ráútà yín bá jẹ́ irú èyí tó ń lo ìgbì oríṣi méjì, ẹ ó tún rí `80 MHz` ní apá kejì.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló máa ń mú èyí tó tóbi jù. Tí èèyàn bá ń dá gbé inú ọgbà ńlá, tí ilé kejì sì jìnnà sí tirẹ̀, ó lè jèrè ohun tó mú yẹn. Ṣùgbọ́n nínú ilé alájà mẹ́ta ní Sùúrùlérè, ní Muṣin tàbí ní Bódìjà n'Ìbàdàn, níbi tí fúláàtì ti fara kan fúláàtì, ohun tó sábà máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé fídíò á máa dúró lójú ọ̀nà ní aago mẹ́jọ alẹ́, bẹ́ẹ̀ ó sáré dáadáa ní aago méjì ọ̀sán. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, lẹ́yìn náà ni màá sọ bí ẹ ṣe máa tún un ṣe fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn mi yìí. Ráútà náà, rédíò ni. Ìgbì kan náà ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba inú afẹ́fẹ́, ohun tó yàtọ̀ ni ibi tó wà lórí òṣùwọ̀n. Lórí rédíò ẹ̀fù-ẹ́ẹ̀mù, láti 87.5 títí dé 108 ni gbogbo ààyè tó wà. Ẹ yọ ìkíní kúrò nínú ìkejì, ó lé díẹ̀ ní mẹ́gáháàtì 20. Gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò ẹ̀fù-ẹ́ẹ̀mù tí ẹ lè gbọ́ ní ìlú yín, inú ààyè yẹn ni wọ́n ti ń pín ara wọn. Ó dáa, ṣánẹ́ẹ̀lì Wáì-Fáì kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù tí ẹ lè mú lórí ráútà yín, mẹ́gáháàtì 20 ni ìbú rẹ̀. Tí ẹ bá wá yàn án sí 40, ẹ ti ń gba ààyè tó tó ìlọ́po méjì gbogbo ojú ẹ̀fù-ẹ́ẹ̀mù, fún fúláàtì kan péré.

Òótọ́ ni pé bí ṣánẹ́ẹ̀lì bá ṣe fẹ̀ tó ni dátà tó lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Lórí ráútà tó ní ẹ̀rọ ìránsẹ́ méjì, irú èyí tí wọ́n ń kọ `N300` sí lára, ìyára tó ga jù lórí 20 jẹ́ mẹ́gábíìtì 144 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí 40, ó di 300. Láti ibẹ̀ ni 300 tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n 300 yẹn ní ohun tó rọ̀ mọ́ ọn: ẹ nìkan ni kí ẹ wà lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ sì wo bí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe tó. Ìgbì tí gbogbo ráútà àti fóònù mọ̀, gígáháàtì 2.4 la ń pè é, ó bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́gáháàtì 2400, ó parí sí 2483.5. Mẹ́gáháàtì 83 àti ààbọ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi nọ́ńbà sí i láti 1 dé 13, ṣùgbọ́n mẹ́gáháàtì 5 péré ló wà láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì, nígbà tí ìbú ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20. Nítorí náà wọ́n ń gun ara wọn lórí. Mẹ́ta péré ni gbogbo ayé ń lò tí wọn ò fi fara kan ara wọn: 1, 6 àti 11. Àwọn kan ń lo 13, àmọ́ àwọn fóònù tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kì í rí ráútà tó bá wà níbẹ̀, nítorí náà mi ò gbà yín níyànjú ẹ̀. Ààyè mẹ́ta, fún gbogbo àdúgbò. Ṣánẹ́ẹ̀lì 40 kan tí ẹ bá tẹ́ síbẹ̀, ó ti gba nǹkan bí ìdajì gbogbo ojú ìgbì náà. Ì báà jẹ́ láti orí 1 ni ẹ ti tẹ́ ẹ wá sókè, ì báà jẹ́ láti orí 11 ni ẹ ti tẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fara kan àwọn tó wà lórí 6.

Kí ló wá burú nínú pé ó fara kan wọn? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ráútà kì í ṣàdédé sọ̀rọ̀. Kí ó tó rán ohunkóhun, ó máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀. Tó bá gbọ́ pé ẹlòmíì ń ránṣẹ́ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà, ó máa dákẹ́ títí onítọ̀hún á fi parí, á tún dúró díẹ̀ sí i, kó tó rán tirẹ̀. Fóònù yín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ráútà aládùúgbò ń ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù àwọn ọmọ aládùúgbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ Wáì-Fáì àwọn bá yàtọ̀, tí páàsìwọ́ọ̀dù sì wà lórí ẹ̀, ti àwọn ti dá dúró. Páàsìwọ́ọ̀dù ń dènà ẹni tó fẹ́ jẹ dátà yín. Kò lè dènà ìgbì. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ní fúláàtì òkè, tó bá wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà pẹ̀lú yín, inú àkókò yín ló ti ń bu tirẹ̀. Ráútà tí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ lò, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá ló ń kéde orúkọ ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkéde yẹn náà sì ń gba àkókò.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe ìṣirò. Ká ní ilé alájà mẹ́ta kan ní Sùúrùlérè, fúláàtì méjì ní àjà kọ̀ọ̀kan, ilé mìíràn sì wà lẹ́yìn ògiri. Ní alẹ́, ẹni tó ń gbé àjà kejì yẹ afẹ́fẹ́ wò, ó rí ráútà aládùúgbò méjì tó lágbára lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 1, márùn-ún lórí 6, mẹ́ta lórí 11. Tó bá fi ráútà tirẹ̀ sí ṣánẹ́ẹ̀lì 1, tó sì yan ìbú 20, àwọn mẹ́ta ni wọn yóò jọ máa pín àkókò. Nínú 144 orí ìwé, ohun tó ń dọ́wọ́ èèyàn gan-an sábà máa ń lé díẹ̀ ní ìdajì, nítorí dídúró àti ìdáhùn tí wọ́n ń fún ara wọn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 80. Tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdá kan nínú mẹ́ta 80 jẹ́ nǹkan bí mẹ́gábíìtì 27.

Ó wá sọ ìbú rẹ̀ di 40. Orí ìwé di 300, ohun tó lè dọ́wọ́ rẹ̀ di nǹkan bí 160. Ṣùgbọ́n ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti gùn láti 2402 dé 2442, ó sì ti wọ ààyè àwọn tó wà lórí 6, tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti 2427. Àwọn méjì ti orí 1, àwọn márùn-ún ti orí 6, òun fúnra rẹ̀ ìkẹjọ. Ẹ pín 160 sí ọ̀nà mẹ́jọ, 20 ló kù. Ó fẹ ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ohun tó ń rí gbà sì dín kù.

Ìṣirò gbàǹgbà ni mo ṣe yẹn o, afẹ́fẹ́ kì í pín nǹkan dọ́gba báyìí. Àwọn ráútà kan, tí wọ́n bá gbọ́ pé ìdajì kejì kò ṣófo, máa ń fi ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ránṣẹ́. Nígbà náà, ìbú 20 kan náà ni ẹ padà sí, ẹ ò jèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìṣirò yẹn: tí àwọn aládùúgbò bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, 40 á fún un ní 160, 20 á sì fún un ní 80. Ẹni tó bá dán an wò ní ọ̀sán á rò pé òun ti rí ojútùú. Alẹ́ ni kí ẹ ti dán an wò, nígbà tí gbogbo ilé bá ti dé, tí iná bá sì wà.

Ìpalára kejì wà tí kì í hàn kíákíá. Agbára tí ráútà fi ń ránṣẹ́ kì í pọ̀ sí i nítorí pé ẹ fẹ ṣánẹ́ẹ̀lì. Agbára kan náà ni, ó kàn tàn ká ojú tó fẹ̀ sí i. Fóònù tó ń gbà á náà sì ti ya etí rẹ̀ sílẹ̀ fún ariwo ìlọ́po méjì. Nínú pálọ̀ tí ráútà wà, ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n lára. Nínú yàrá tó kẹ́yìn, tí ògiri búlọ́ọ̀kù méjì bá wà láàárín, sígínà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó tẹ́lẹ̀ á wá di èyí tí fóònù ń tọrọ kí wọ́n tún un sọ. Ègé dátà tí wọ́n bá tún rán lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àkókò ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbà. Ráútà náà tún máa ń dín ìyára rẹ̀ kù kí ọ̀rọ̀ lè yéni, èyí á sì mú kó pẹ́ sí i lórí afẹ́fẹ́, gbogbo ilé á sì máa dúró dè é.

Ó tún wà pé etí ráútà kò mú bákan náà lórí ìdajì méjèèjì. Lórí ìdajì àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gan-an, ó ń gbọ́ aládùúgbò tí ohùn rẹ̀ kéré gan-an. Lórí ìdajì kejì, kìkì ẹni tí ohùn rẹ̀ lágbára ló ń gbọ́. Èyí tí kò lágbára, kò ní í gbọ́ ọ, á sọ̀rọ̀ lé e lórí, ọ̀rọ̀ méjèèjì á sì bàjẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ẹni tó yan 40 nínú ilé báyìí ń ṣe ara rẹ̀, ó sì ń ṣe àwọn aládùúgbò tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èyí ń dùn mí, torí pé àwọn wọ̀nyẹn á lọ máa ra dátà kún dátà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dátà ló tán.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ilé ló ń dà yín láàmú, tàbí ilé iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín? Ẹ bi ráútà fúnra rẹ̀ léèrè. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Wíńdòòsì, ẹ ṣí `Command Prompt`, kí ẹ tẹ èyí:

```
ping -n 50 192.168.1.1
```

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ni àdírẹ́sì ráútà. Ó lè jẹ́ `192.168.0.1` tàbí `192.168.8.1` lórí tiyín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ráútà, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Àṣẹ yìí ń rán ìbéèrè 50 sí ráútà, ó sì ń sọ bí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Ìbéèrè náà kò jáde nínú ilé, kò sì kan ilé iṣẹ́ kankan. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, ẹ ó máa rí `time=2ms`, `time=3ms`, kò ní í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tí ẹ bá rí i tó ń fò láti 3 sí 90, sí 200, tí `Request timed out` sì ń jáde láàárín, bẹ́ẹ̀ inú pálọ̀ kan náà ni ẹ jókòó sí pẹ̀lú ráútà, wàhálà náà wà láàárín yín àti ráútà. Tí ìdáhùn ráútà bá dúró déédéé, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń falẹ̀ síbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan ìbú ṣánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á fún yín ni kí ẹ lọ.

Láti rí àwọn aládùúgbò yín lórí afẹ́fẹ́, ẹ tẹ:

```
netsh wlan show networks mode=bssid
```

Á to orúkọ gbogbo Wáì-Fáì tó ń gbọ́ jáde, pẹ̀lú `Signal` àti `Channel` ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí fóònù Andirọ́ọ̀dù, áàpù tó ń jẹ́ `WiFi Analyzer` ń ya èyí sí àwòrán, ẹ ó sì rí òkè kéékèèké tí wọ́n ń gun ara wọn lórí 1, 6 àti 11. Ẹ ka àwọn tó lágbára lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mú èyí tí wọ́n kéré jù níbẹ̀. Ẹ má sá lọ sórí 3 tàbí 4 nítorí pé ẹ ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí 3 ń gba ariwo láti orí 1 àti láti orí 6, àwọn wọ̀nyẹn kò sì lè gbọ́ ọ kedere kí wọ́n dákẹ́ fún un. Ó sàn kí èèyàn jókòó pẹ̀lú àwọn tí yóò dúró de ara wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi búráúsà ṣí àdírẹ́sì ráútà, ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù alábòójútó, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Wireless` tàbí `WLAN` sí, lábẹ́ `2.4 GHz`. Ẹ yí `Channel` kúrò lórí `Auto` sí 1, 6 tàbí 11 tí ẹ ti yàn. Ẹ yí `Channel Width` sí `20 MHz`. Ẹ tẹ `Save`. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já fún ìgbà díẹ̀, á sì padà wá. Àwọn kan máa béèrè pé ṣé `20/40 MHz` kò tó, ṣebí ráútà á máa yàn fúnra rẹ̀? Ìlànà Wáì-Fáì ní kó padà sí 20 tó bá gbọ́ aládùúgbò, ṣùgbọ́n àwọn ráútà kan wà tí kì í tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ fóònù ni kì í tilẹ̀ lo 40 lórí ìgbì yìí rárá. Ilé iṣẹ́ Apple fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn 20 lórí gígáháàtì 2.4. Èmi ò rí ohun tó yẹ kí ayálégbé máa wá lórí 40 níbẹ̀.

Bí ráútà àti fóònù yín bá ní ìgbì gígáháàtì 5, ibẹ̀ ni kí ẹ kó àwọn ohun èlò tó wà nítòsí ráútà lọ. Ààyè ibẹ̀ fẹ̀ jù, ògiri búlọ́ọ̀kù sì ń dí ìgbì náà lọ́wọ́ ju ti 2.4 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ti aládùúgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé wá bá yín. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbú tẹ̀ lé wa débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà tó jáde láti ilé iṣẹ́ ló ti wà lórí 80, wọ́n sì sábà máa ń jókòó sáàárín ṣánẹ́ẹ̀lì 36 sí 48. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni 80 kan ń gbà pa pọ̀. Èkejì wà láàárín 149 sí 161. Àwọn tó wà láàárín, láti 52 dé 144, rádà ló ni wọ́n: ráútà gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìṣẹ́jú kan tẹ́tí sí rádà kó tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ kúrò. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú kì í lọ síbẹ̀ rárá, ó sì di pé ààyè 80 méjì péré ni gbogbo ilé ń jà lé. Tí ẹ bá mú 40, ààyè náà di mẹ́rin. Tí ẹ bá mú 20, ó di mẹ́sàn-án.

Lórí 40 níbẹ̀, ráútà `AC1200` àti fóònù tó ní ẹ̀rọ ìránsẹ́ méjì lè dé 400 lórí ìwé. Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń san owó fún. Tó bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 30 ni ó ń wọ ilé yín láti ìta, kì í ṣe 80 tó lè fún yín ní 866 lórí ìwé ni yóò mú kí 30 náà di 31. Ohun tí ìbú ń ṣiṣẹ́ lé lórí kò ju ìrìn láti ráútà dé ọwọ́ yín lọ. Ẹni tí 80 yẹ ni ẹni tó ń kó fídíò ńlá láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn nínú ilé rẹ̀, tàbí ẹni tí okùn fáíbà tó wọ ilé rẹ̀ ju 200 lọ, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ lórí ìgbì náà kò sì tó nǹkan. Fún àwọn tó kù nínú ilé ayálégbé, 40 lórí gígáháàtì 5 àti 20 lórí 2.4 ni mo máa ń fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí i, ẹ tún fi `ping` náà ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, láti yàrá tó jìnnà jù sí ráútà. Nọ́ńbà tí ẹ máa wò ni `Maximum` tó wà nísàlẹ̀, àti iye tó sọnù níwájú `Lost`. Tí `Maximum` bá ti já wálẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí `Lost` sì di 0, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ayálégbé tuntun bá kó wọlé, tó gbé ráútà tirẹ̀ wá, tí fídíò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, ẹ tún àwọn tó wà lórí 1, 6 àti 11 kà.